Ètò Ìfowópamọ́ Owó Ilé-Ìwé, Oṣù Kẹsàn-án 2025 sí Oṣù Kẹjọ 2026

Ẹ má yọ páálí yìí kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Èmi Bàbá Ìbejì ló kọ ọ́, Ìyá Ìbejì sì ti ka gbogbo rẹ̀.

Ohun tí a ń wá: ₦450,000, kó pé kí wọ́n tó wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án 2026. Àkọ́bí tó ń lọ SS1, ₦120,000. Táyé àti Kẹ́hìndé tó ń bọ̀ ní JSS1, ₦95,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦60,000. Aṣọ, bàtà àti àpò, ₦80,000. Aṣọ nìkan là ń rà, èmi ni n ó rán an. Owó táàmù kejì àti ìkẹta ọdún yìí kò sí níbí, bẹ́ẹ̀ ni owó ìdánwò àkọ́bí. Èrè gàrí ni yóò gbé ìyẹn.

Bí a ó ṣe máa kó o: Ìyá Ìbejì ń dá ₦500 lójúmọ́ fún alájọ ní Òkè-Àje. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ á fún wa ní ₦14,500. Ìyókù á ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, gbogbo rẹ̀ á wọ àpò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Fóònù mi á pariwo láago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ kó bi mí pé, "Ó ti pé?"

Oṣù Kẹsàn-án: ₦15,000. A ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé-ìwé tán ni. Àjọ nìkan, ká fi ₦500 kún un.

Oṣù Kẹwàá: ₦25,000. Àpapọ̀ ₦40,000.

Oṣù Kọkànlá: ₦35,000. Àpapọ̀ ₦75,000. Aṣọ Kérésì ti ń wọlé. Ẹni tí kò bá san ìdajì, kí aṣọ rẹ̀ má kan tábìlì.

Oṣù Kejìlá: ₦60,000. Àpapọ̀ ₦135,000. Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ọjọ́ kejì Kérésì, nítorí náà ọjọ́ 19 ni ká gbé owó lọ. Bí a bá dúró, adìẹ á jẹ ẹ́.

Oṣù Kìíní: ₦15,000. Àpapọ̀ ₦150,000. Táàmù kejì. Ẹnikẹ́ni kì í ránṣọ.

Oṣù Kejì: ₦30,000. Àpapọ̀ ₦180,000. Oòrùn ń mú, àwọn èèyàn ń mu gàrí. Ìyá Ìbejì ní òun á mú ₦10,000 wá lórí àjọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ o.

Oṣù Kẹta: ₦45,000. Àpapọ̀ ₦225,000. Aṣọ ọdún Ìtúnú Àwẹ̀. Ìdajì rèé.

Oṣù Kẹrin: ₦25,000. Àpapọ̀ ₦250,000. Àjíǹde, táàmù kẹta. Bí kò bá pé, kí ìyókù wọ Oṣù Karùn-ún.

Oṣù Karùn-ún: ₦90,000. Àpapọ̀ ₦340,000. Oṣù yìí ló lè gbé ètò yìí dúró tàbí kó wó o. Iléyá máa bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 27, bí oṣù bá ṣe yọ, Ojúde Ọba á sì wáyé ní ọjọ́ kẹta rẹ̀. Gbogbo regbéregbé ló ń ránṣọ, a kì í sùn. Owó ń wọlé, àmọ́ aṣọ ẹgbẹ́ tèmi náà wà níbẹ̀, ti Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, fìlà wà níbẹ̀. Àdéhùn wa: bí oníbàárà bá san owó aṣọ kan, ká yọ ₦3,000 sínú kóló kí a tó ka ìyókù. Ọgbọ̀n aṣọ, ₦90,000. A ò ní ra aṣọ ẹgbẹ́ tiwa títí kóló á fi pé, bí ẹgbẹ́ tilẹ̀ fẹ́ fi wá ṣẹ̀sín. Ọjọ́ 22 ni ká gbé e lọ, torí ní ọjọ́ 29, ojúde Awùjalẹ̀ ni gbogbo wa yóò wà.

Oṣù Kẹfà: ₦30,000. Àpapọ̀ ₦370,000. Òjò, ọjà tutù. Lọ gba gbèsè ìránṣọ Ojúde Ọba. Ẹni tó ti ya fọ́tò tán kò rántí tẹ́lọ̀ mọ́.

Oṣù Keje: ₦35,000. Àpapọ̀ ₦405,000. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ìsinmi, kí Ìyá Ìbejì béèrè ìwé JSS1 àti SS1 lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò tí ọmọ wọn ti kọjá. Èyí tí a bá rí, a kò ní ra á.

Oṣù Kẹjọ: ₦45,000. Àpapọ̀ ₦450,000. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ á kún ṣọ́ọ̀bù. Ti àwọn ọmọ wa ni kí n kọ́kọ́ rán, ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó má di alẹ́ tí ilé-ìwé ku ọ̀la.

Ẹni tó bá fẹ́ yọ nínú owó yìí, ilé ìwòsàn nìkan ló lè fi ṣàwíjàre, ká sì fọwọ́ sí i ní àwa méjèèjì. Ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ kò sí nínú rẹ̀, àní ti ẹbí.

Jímọ̀ 28 Oṣù Kẹjọ, kí Ìyá Ìbejì gba owó jáde, kó san án sí ilé-ìwé ní Mọ́ńdè 31, kó sì kó rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí ẹ̀rọ.