Sémíkólọ̀n Kan Ní Ajílosùn

Iṣẹ́ tí Bọ̀dá Káyọ̀dé gbé fún Délé láàárọ̀ Túsìdeè yẹn ò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì lọ. Àwọn owó irọ́ kan wà nínú tébù tí wọ́n fi dán áàpù wò nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí kó wọn kúrò, wọ́n wá ń da ríipọ́ọ̀tù ìparí oṣù rú. "Bá mi yọ wọ́n kí n tó dé," ló wí, ló bá gun ọ̀kadà, ó di Fájúyì, ó fẹ́ lọ rí oníbàárà kan.

Délé ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀ ni. Ọ́fíìsì wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ajílosùn, lórí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, èèyàn mẹ́rin péré ni wọ́n, áàpù tí wọ́n ń ṣe sì wà fáwọn alájọ. Àwọn alájọ Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìlawẹ́ àti Ìjerò ló ń lò ó. Alájọ á gbowó lọ́wọ́ aláta, á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, á wọ inú tébù kan tó ń jẹ́ `contributions`. Owó gan-an ò sí níbẹ̀ o, báńkì lowó wà, àmọ́ tébù yẹn nìkan ló mọ̀ pé èló ni ti ta nínú ẹ̀.

Ẹ má rò pé ọmọ yẹn kàn sáré wọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ kà á ná:

```
ajo_prod=> SELECT count(*) FROM contributions WHERE is_test = true;
 count
-------
    37
(1 row)
```

37, iye tí ọ̀gá sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ló bá ṣí nóòtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń kọ DELETE ẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì ti mọ́ sémíkólọ̀n débi pé bó ṣe kọ orúkọ tébù tán báyìí ni ìka ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kó tó bọ́ sí ìlà kejì láti kọ WHERE tó máa sọ èyí tó fẹ́ yọ. Sémíkólọ̀n ló sì máa ń sọ fún dátábéèsì pé àṣẹ ti parí, DELETE tí ò bá sì ní WHERE, gbogbo tébù ló máa yọ. Ojú ẹ̀ ò rí i. Ó kó ìlà méjèèjì, ó dà wọ́n sínú tẹ́mínà, ó tẹ Enter.

```
DELETE FROM contributions;
WHERE is_test = true;
```

Èsì dé wàrà:

```
DELETE 48216
ERROR:  syntax error at or near "WHERE"
LINE 1: WHERE is_test = true;
        ^
```

ERROR lojú ẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó pòṣé, ó ní kò gbà á, kí lòun kọ tí ò da, ó tiẹ̀ ti ń padà sínú nóòtì láti tún un kọ kó tó wojú ẹ̀ sókè díẹ̀, ó rí 48216. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní bóyá nọ́ńbà ìlà ni.

Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ nọ́ńbà ìlà níbẹ̀.

Ó sáré tẹ ROLLBACK, torí ó ti gbọ́ ọ rí pé ìyẹn ló máa ń dá nǹkan padà, psql tó fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ sì dá a lóhùn báyìí:

```
WARNING:  there is no transaction in progress
ROLLBACK
```

Ìkà gbáà ni ìdáhùn yẹn lójú tèmi. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ fún un pé kò sí nǹkan kan tí òun lè dá padà, torí kò tẹ BEGIN kó tó bẹ̀rẹ̀, tóò bá sì tẹ BEGIN gbogbo nǹkan tóo bá ṣe ló ti wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìlà kejì wá kọ ROLLBACK gàdàgbà bíi pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Délé di èyí kejì yẹn mú, ó sáré kà tébù lẹ́ẹ̀kan sí i. Òdo.

Ó jókòó. Afẹ́fẹ́ fáànù ń fẹ́ sí i lára, òógùn sì ń yọ lábẹ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀. Lọ́dọ̀ Ọmọ́wùmí tó ń gba ìpè oníbàárà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó gbé e, ó ní "ẹ kú àárọ̀ mà," ó dákẹ́, ó ní "rárá mà, owó yín ò lè di òfo," ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ láti fi han ìyá náà pé kò lè di òfo. Ó wo sìkírìnì. Ó wá yíjú sí Délé.

"Délé, kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Délé ò dá a lóhùn, ọ̀gá ló ń pè.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ba nǹkan jẹ́."

"Kí lo bà jẹ́?"

"`contributions` sà."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ sà."

Ariwo ọ̀kadà nìkan ló kù lórí fóònù. Nígbà tí Bọ̀dá Káyọ̀dé máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè rárá, ìyẹn ló tún dẹ́rù ba ọmọ yẹn jù. "Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Kí Ọmọ́wùmí ti áàpù pa, kí alájọ kankan má tẹ owó wọlé. Mo ń bọ̀."

Ó dé, kò jókòó, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Bákọ́ọ̀pù wà, èyí tí sáfà máa ń ṣe fúnra ẹ̀ ní aago méjì òru. Kò dà á lé púròdọ́kṣọ̀n lórí o, ìyẹn dátábéèsì táwọn alájọ ń lò gan-an, torí tébù yòókù ṣì wà níbẹ̀ pípé, ó dá dátábéèsì tuntun kan sílẹ̀, ó tú bákọ́ọ̀pù síbẹ̀, ó wá fa tébù kan ṣoṣo yẹn wá:

```
createdb ajo_restore
pg_restore -d ajo_restore ajo_0200.dump
pg_dump -a -t contributions ajo_restore | psql ajo_prod
```

47,804 padà. Ọmọ́wùmí ké halelúyà, Délé náà fẹ́ dìde, Bọ̀dá Káyọ̀dé ní kí wọ́n jókòó. Láti aago méjì òru sí aago mọ́kànlá kọjá tí nǹkan bàjẹ́, àwọn alájọ ti ń gbowó. Ìgbà tí ọjà ń kún gan-an nìyẹn. Ó ku 412 tí ò sí níbì kankan.

"Ṣé kò sí WAL ni sà?" Délé béèrè, ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa. Ó ti kà nípa ẹ̀. Postgres tó ń bá wọn tọ́jú dátábéèsì máa ń kọ gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe sínú fáìlì yẹn kó tó ṣe é, téèyàn bá ń kó wọn pamọ́ pẹ̀lú irú bákọ́ọ̀pù tó bá wọn mu, èèyàn lè dá dátábéèsì padà sí ìṣẹ́jú tó ṣáájú kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ọ̀gá ṣí fáìlì kan fún un kó fojú ara ẹ̀ rí i.

```
archive_mode = off
```

"Èmi ni mo pa á," ló wí. "Dísìkì ló kún, mo ní mo máa tàn án padà." Ó fọwọ́ nu ojú. "Pásíwọ́ọ̀dù tóo fi wọlé ńkọ́, ta ló fún ẹ? Èmi náà ni. Jẹ́ ká wá 412 yẹn."

290 nínú ẹ̀ rọrùn, torí àwọn tó sanwó fún àtẹ̀jíṣẹ́ ni, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó jáde láàárọ̀ yẹn ló wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn fi ránṣẹ́: orúkọ, iye, aago. Ọmọ́wùmí bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn alájọ lórí 122 tó kù. Àwọn kan rántí, àwọn kan kàn ń fa ọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti Ìkẹ́rẹ́, ti ìyá kan ṣoṣo, Ìyá Alájọ, Délé sì ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ pé òun ni wọ́n máa rán.

Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n lọ kọ́ ìyá yẹn ní áàpù, Délé ló rí ìwé tó ń kọ, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní "Mà, ẹ lè sọ ìwé yìí nù báyìí." Ìyá náà wò ó, kò fèsì.

Abẹ́ agboorùn ńlá ló bá a ní Ọjà Ọba Ìkẹ́rẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ṣàlàyé débi tó lè ṣàlàyé dé. Ìyá ní "Ẹ ti sọ tiyín nù nìyẹn," ó tú ìwé jáde láti inú báàgì tó so mọ́dìí. Ìwé ọmọ iléèwé ni, etí ẹ̀ ti kájọ, báírò sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òwú dúdú dè mọ́ ìwé náà, ojúewé ọjọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Wàhálà wá wà. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ tó wà nínú dátábéèsì. "Ìyá Ìbejì onígàárì 500." "Ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí 1,000." "Ọkọ Fúnmi 200." "Ẹlẹ́sẹ̀ kan 500." Délé ṣí láptọ́ọ̀pù lórí àpò ìrẹsì, ìyá ń pe wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi, ẹni tí kò bá dá a lójú, ó kàn máa ké sí i lọ́nà ọ̀hún: "Ìyá Ìbejì! Kí lorúkọ rẹ ní báńkì?" Gbogbo ọjà ń gbọ́. Ẹni tó bá dáhùn á sún mọ́ wọn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò pẹ́ tí èrò fi yí ọmọ yẹn ká, obìnrin kan sì ń sọ fún èkejì pé ọmọ yìí ló fọwọ́ pa owó gbogbo wa rẹ́. "Kò pa á rẹ́, ìwé wà lọ́wọ́ mi," ni Ìyá Alájọ ń wí, ó sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, inú ẹ̀ dùn dẹ́nu. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó parí. Ó ra bóòlì fún Délé, ó ní kó má fi ebi wọ mọ́tò padà sí Adó.

Lóru yẹn ni Bọ̀dá Káyọ̀dé tan archive_mode padà kí wọ́n lè máa kó WAL pamọ́, ó ra dísìkì sí i, ó gba àyè yíyọ lọ́wọ́ gbogbo wọn, títí kan òun fúnra ẹ̀, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí nǹkan kan tó kúrò ní púròdọ́kṣọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ̀nà Ìjerò lọ bẹ àwọn alájọ ibẹ̀.

Kò pẹ́ tó lọ ni obìnrin kan gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó ní Ìkẹ́rẹ́ lòun ti wá, ó gbé fóònù ka iwájú Délé. 500 náírà ló fi pọ̀ nínú owó òun. Délé wò ó, ó rí i pé lóòótọ́ ni: àtẹ̀jíṣẹ́ ti gbé owó àná ẹ̀ wọlé, ìwé Ìyá Alájọ tún gbé e wọlé.

"Ẹ ṣé mà, ẹ kú òtítọ́. A máa yọ ọ́."

"Ẹ yọ ọ́ báyìí. Èmi kì í jẹ owó olówó, n ò fẹ́ kó sùn lọ́rùn mi."

"Kò lè ṣeé ṣe báyìí mà. Ọ̀gá ò sí nílé, a ò sì láyè láti yọ nǹkan kan tóun ò bá fọwọ́ sí i."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

"Àná tóo yọ ti gbogbo ọjà," ó ní, "ta lo gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀?"