3.8 Ààlà Ìwádìí Yìí àti Àwọn Ìkùdíẹ̀-káàtó Rẹ̀

Ìbátan tó wà láàárín fóònù títẹ̀ lórí ibùsùn àti oorun ni ìwádìí yìí wò. Ohun tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní ọdún kìíní àti ìkejì, tí ọjọ́ orí wọn kò ju 25 lọ, ni iṣẹ́ yìí dá lé. Mo yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru kúrò, nítorí iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, kì í ṣe fóònù. Fóònù tí èèyàn ń tẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dùbúlẹ̀ nìkan ni mo béèrè nípa rẹ̀. Ìwé ìbéèrè ni mo lò. Mi ò ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èmi ni mo fa ààlà wọ̀nyí, ohunkóhun kò fipá mú mi.

Ti àwọn ìkùdíẹ̀-káàtó yàtọ̀. Mo fẹ́ ṣa orúkọ bíi tìbò láti inú àkọsílẹ̀ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ wọn kò yọ̀ǹda àkọsílẹ̀ náà, kí àṣírí ẹni má baà tú. Mo wá pín ìwé 260 fún àwọn tí mo bá nínú kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́jú ló ṣeé ṣe jù lọ kó má wá sí kíláàsì àárọ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí àwọn tí oorun ń dà láàmú pọ̀ ju bí èsì mi ṣe fi hàn. Ìwé 212 ló padà wá, 9 nínú wọn kò pé. Níbikíbi tí mo bá ti kọ “àwọn akẹ́kọ̀ọ́” ní Orí Kẹrin, àwọn 203 tó ṣẹ́ kù ni mo ń sọ.

Oṣù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni PSQI, ìwọ̀n oorun tí mo lò, èyí tí Buysse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989, máa ń béèrè nípa rẹ̀, máàkì tó bá sì ti ju 5 lọ ń tọ́ka sí oorun tí kò dára. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo gba dátà. Mi ò ní ọ̀nà tí mo lè gbà ya àìsùn ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti fóònù.

Ẹnu àwọn olùkópa fúnra wọn ni mo ti gbọ́ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ń lò. Àwọn díẹ̀ gbà kí n wo àkọsílẹ̀ inú fóònù wọn. Ẹnì kan kọ ìṣẹ́jú 20. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ni fóònù rẹ̀ kọ fún alẹ́ àná. Nítorí náà, ìṣẹ́jú tó wà nínú Orí Kẹrin lè kéré sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gba dátà, kò sì lè fi hàn bóyá fóònù ló lé oorun lọ, tàbí ẹni tí oorun kọ̀ tì ló na ọwọ́ sí fóònù. Torí èyí, mo ti yọ ọ̀rọ̀ náà “ipa” kúrò nínú ìbéèrè ìwádìí kejì, mo fi “ìbátan” rọ́pò rẹ̀. Mi ò ka àìtó owó àti àìráyè mọ́ àwọn ìkùdíẹ̀-káàtó yìí, nítorí mi ò rí nọ́ńbà kankan nínú èsì tí wọ́n yí padà.