Ìdí Tí Ọmọ Fi Sọ Pé Ó Dára: Ìpele Ìrònú Ìwà Tí Kohlberg Là Sílẹ̀ àti Ìjíròrò Nínú Kíláàsì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n ṣàlàyé bí Lawrence Kohlberg ṣe rò pé òye ọmọ ènìyàn nípa ohun tó dára àti ohun tí kò dára ń dàgbà, kí n sì sọ ohun tí olùkọ́ lè fi ṣe nígbà tí kíláàsì bá ń jíròrò. Ogún ìṣẹ́jú ni mo ní. Màá yára lórí ìtàn ọkùnrin náà, màá sì pẹ́ lórí ohun tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà.

Ará Amẹ́ríkà ni Kohlberg, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ọmọ ènìyàn. Wọ́n bí i ní 1927, ó sì kú ní 1987. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni Jean Piaget, tó tẹ ìwé jáde ní 1932 nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú nípa ìwà. Piaget a máa jókòó ti àwọn ọmọ tó ń ta gíláàsì róbótó kéékèèké, a sì máa bi wọ́n léèrè pé: ta ló ṣe òfin eré yìí, ṣé ẹ lè yí i padà? Kohlberg gba ọ̀nà yẹn lọ síwájú. Nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ṣikágò ní 1958, ọmọkùnrin 72 ló bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ọdún 10, 13 àti 16. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń padà lọ bá púpọ̀ nínú wọn fún nǹkan bí 20 ọdún, títí wọ́n fi di géńdé ọkùnrin.

Ìtàn ló máa ń sọ fún wọn. Màá máa pè é ní ìtàn oríta, torí ẹni tó wà nínú rẹ̀ dúró síbi tí ọ̀nà ti pín, kò sì sí èyí tó rọrùn nínú ọ̀nà méjèèjì. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Heinz. Àrùn jẹjẹrẹ ti mú ìyàwó rẹ̀ dé bèbè ikú. Oògùn kan wà tó lè gbà á là, ọwọ́ apòògùn kan ló wà. Dọ́là 200 ni apòògùn náà ná lé e, dọ́là 2,000 ló ní kí wọ́n san. Heinz yá owó kiri, kò rí ju dọ́là 1,000 lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ kó dín owó, tàbí kó jẹ́ kí òun san ìyókù tó bá yá. Ọkùnrin náà kọ̀. Heinz bá fọ́lé, ó jí oògùn náà. Ṣé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibi tí mo ń lọ yìí, torí òun ni mo rí i pé a máa ń gbàgbé. Kohlberg kì í ka “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ìdí tí ọmọ náà fi sọ ọ́ ló ń kà. Ọmọ kan lè ní, “Kó má jí i, wọ́n á tì í mọ́lé.” Òmíràn á ní, “Kó jí i, torí tí ìyàwó rẹ̀ bá kú, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi.” Ìdájọ́ wọn ta kora, síbẹ̀ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì dúró sí: ìpele kìíní nínú mẹ́fà tí Kohlberg là sílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ìyà ló ń sọ fún ni pé nǹkan burú.

Ìpele kejì ni ṣe-fún-mi-kí-n-ṣe-fún-ọ. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ pé ẹnì kejì náà ní ohun tó ń fẹ́, ó sì ń wo ohun tó máa kan òun: “Kó jí i, torí ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá.” Ìpele méjèèjì yìí ni ìsọ̀rí àkọ́kọ́, níbi tí òfin àwùjọ kò tíì di ti ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ìpele kẹta ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀, torí àwọn ọmọ ọdún 12 sí 16 tí púpọ̀ nínú wa máa kọ́ ń wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń pẹ́ níbẹ̀. Níbí, ojú àwọn tó sún mọ́ni ni dígí. “Ọkọ rere kì í wo ìyàwó rẹ̀ kó máa kú lọ.” “Kí ni àwọn ará ilé máa rò nípa rẹ̀?” Àwọn kan máa ń fojú kéré ìpele yìí bíi pé afẹ́-káyé-gbọ́ lásán ni. Èmi kò gbà. Ó gba kí ọmọ lè wọ bàtà ẹlòmíràn, kó sì wo ara rẹ̀ láti ìta, èyí tí ọmọ ìpele kejì kò tíì lè ṣe. Ibi tó kù sí ni pé kò lágbára tó nígbà tí àwọn méjì tí a fẹ́ràn bá ń fẹ́ ohun tó ta kora. Ìpele kẹrin ló gbé ojú sókè wo gbogbo àwùjọ: “Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tí nǹkan le fún bá ń jalè, ta ló máa rí ààbò?”

Ìpele kẹta àti ìkẹrin ni ìsọ̀rí kejì. Ìsọ̀rí kẹta kò ní gbà wá lákòókò. Ní ìpele karùn-ún, òfin jẹ́ àdéhùn tí ènìyàn ṣe láti dáàbò bo ẹ̀tọ́, nítorí náà a lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ṣíwájú ẹ̀tọ́ sí dúkìá. Ìpele kẹfà ni ti ìlànà tó kan gbogbo ọmọ ènìyàn níbi gbogbo. Ẹni tó ń ronú báyìí ṣọ̀wọ́n débi pé Kohlberg àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìdáhùn.

Kohlberg ní àwọn ìpele yìí máa ń tò tẹ̀lé ara wọn ni, ènìyàn kì í fo ọ̀kan. Ó tún ní ọmọ lè lóye ìdí tó fi ìpele kan ga ju tirẹ̀, ó sì máa ń wù ú, ṣùgbọ́n èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ á kọjá òye rẹ̀. Orí gbólóhùn yìí ni lílò rẹ̀ nínú kíláàsì dúró lé. Moshe Blatt, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, dán an wò, wọ́n sì jọ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1975. Ó ń sọ ìtàn oríta fún àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jẹ́ kí wọ́n jiyàn, ó sì ń ti ìdí tó fi ìpele kan ga lẹ́yìn. Apá kan nínú àwọn ọmọ náà gòkè ní ìpele kan. Ní 1983, àwọn olùwádìí méjì, Berkowitz àti Gibbs, wo irú ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Wọ́n rí i pé ohun tó ń mú ìrònú gòkè ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, nígbà tí ọmọ kan bá gba ìdí ẹnì kejì, tó tú u palẹ̀, tó nà án síwájú, tàbí tó fi ibi tó ti ta kora hàn án. Kí ọmọ kàn máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan sọ èrò tirẹ̀ kò tó.

Mo dán èyí wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, pẹ̀lú kíláàsì ọmọ 34. Ìtàn tí mo sọ fún wọn nìyí: ọmọbìnrin kan rí i pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ìwé nínú ìdánwò. Ìyá ọ̀rẹ́ náà ti wà nílé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò ráyè kàwé. Olùkọ́ ní bí ẹni tó mọ nǹkan kò bá sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì máa tún ìdánwò náà ṣe. Kí ló yẹ kó ṣe?

Ọmọkùnrin kan nawọ́: “Kó dákẹ́. Tó bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní ràn án lọ́wọ́ mọ́.” Ìpele kejì nìyẹn. Mo ti ń la ẹnu láti tọ́ ọ sọ́nà nígbà tí mo rántí, mo bá yíjú sí àwọn yòókù: “Ta ló lè sọ ohun tó sọ yìí, kó tó fèsì?” Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní, “Ó ní ọ̀rẹ́ ni ẹni tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tìtorí ìrànlọ́wọ́ lo ṣe dákẹ́, ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ ni àbí o fẹ́ràn ohun tó ń fún ẹ?” Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin náà jókòó, ó ń yí bírò rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Mo ṣì ní kó dákẹ́. Àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀.” Ìdájọ́ rẹ̀ kò yí, ìdí rẹ̀ ló yí. Bí mo bá ti fi “ìwà tí kò dára nìyẹn” dá a lóhùn, ǹ bá má gbọ́ gbólóhùn kejì yẹn láé.

Mi ò sọ pé ó ti gòkè ìpele ní ọjọ́ kan. Oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe kọ “ìpele kejì” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé rẹ̀. Ìdí tí ọmọ sọ là ń díwọ̀n, ọmọ náà kọ́.

Àríwísí wà, èyí tó sì kan wa jù ni ti Carol Gilligan ní 1982. Ó sọ nípa ọmọ ọdún 11 méjì, Jake àti Amy, tí wọ́n gbọ́ ìtàn Heinz. Jake yan olè jíjà, ó gbé ẹ̀mí àti dúkìá sórí òṣùwọ̀n. Amy ní kí Heinz àti apòògùn jókòó sọ ọ́, kí wọ́n wá ọ̀nà míì. Ẹni tó ń bi í léèrè wá ń tún ìbéèrè kan náà bi í, títí ìdánilójú ọmọ náà fi ń dín kù. Gilligan ní ohùn ìtọ́jú ni Amy ń sọ, tí òṣùwọ̀n Kohlberg kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò ìwádìí púpọ̀ lẹ́yìn náà kò rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín ọkùnrin àti obìnrin lórí òṣùwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Amy dúró: bí ọmọ bá kọ ọ̀nà méjèèjì tí ẹ là sílẹ̀, ẹ bi í pé “báwo ni ìyẹn ṣe máa rí?” Ẹ má fi ìbéèrè kan náà há a mọ́gun.

Olùwádìí mìíràn, Snarey, ní 1985, kó ìwádìí 45 láti orílẹ̀-èdè 27 jọ. Ìpele kìíní dé ìkẹrin fara hàn káàkiri, ṣùgbọ́n karùn-ún ṣọ̀wọ́n, pàápàá jù lọ láwọn abúlé, ó sì ní àwọn àwùjọ kan ní ìdí tó jinlẹ̀ nípa ìṣọ̀kan tí òṣùwọ̀n náà kò kà.

Kohlberg fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìtàn Heinz nìkan kò tó. Ní 1974, ó bá wọn dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Kémbíríìjì, ní ìpínlẹ̀ Masashúsẹ́tì, níbi tí ìbò olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ ti dọ́gba. Nígbà tí wọ́n jí dọ́là 9 nínú àpò ọmọ kan, ẹjọ́ ti ara wọn ni wọ́n dá. Wọ́n pinnu pé gbogbo wọn ló máa dá owó náà san padà. Ìtàn oríta yẹn kì í ṣe ti inú ìwé.

Gbólóhùn mẹ́fà ló wà lórí ìwé tí mo pín fún yín, àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sọ wọ́n nípa ìtàn ìdánwò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ìpele tó rò síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má wo ti ẹlòmíràn. A máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkẹrin, “Mi ò lè jókòó kàwé nínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́,” torí ẹlẹgbẹ́ mi tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò fi sí ìpele kẹta, èmi fi sí ìkẹrin, a kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan títí di àárọ̀ yìí.