Lẹ́tà sí Máníjà: Ẹ Bá Mi Dín Owó Fírísà

Máníjà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà. Fírísà tí mo wò ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ₦385,000 lẹ kọ sí i lára. Irú rẹ̀ gan-an, tuntun bẹ́ẹ̀, ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá ń polówó ní ₦352,000. Mo fi fọ́tò ìpolówó náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀dínwó wọn yóò parí.

Ọ̀dọ̀ yín ló wù mí kí n ti rà á, torí ẹ ò já mi kulẹ̀ rí lórí gáráńtì. Ẹja ni mo ń tà, fírísà mi àtijọ́ sì ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ₦352,000 lọ́wọ́ mi. Owó ti wà nílẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, oníbàárà yín láti Bódìjà