Ẹ̀kọ́ Ìṣirò, Pírámárì Kẹta: Ìdá

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jókòó. Ẹ pa ìwé yín dé ná, ojú àti ọwọ́ la fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì ra búrẹ́dì kan ní Lágéré. Ó gé e sí méjì, ó fún Táyé lọ́kan, ó fún Kẹ́hìndé ní èkejì. Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. Kí ló fà á? Ẹ ṣeun, ti Táyé tóbi jù. Ṣé a wá lè pe ti Kẹ́hìndé ní ìdajì? Rárá o. Méjì ni wọ́n gé e sí lóòótọ́, àmọ́ kò dọ́gba. Ohun tí kò bá dọ́gba kì í ṣe ìdajì.

Ẹ mú bébà yín. Ẹ ká a sí méjì, kí etí kan etí. Ẹ tún un ká. Ẹ tú u. Ojú mélòó lẹ rí? Mẹ́rin. Ẹ kun ọ̀kan: ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn, báyìí la ṣe ń kọ ọ́: 1/4. Ti ìsàlẹ̀ ń sọ iye ọ̀nà tí a pín odidi sí, tòkè ń sọ iye tí a mú. Ẹ kun ọ̀kan sí i, ó di 2/4. Kí lẹ rí? Ìdajì ni!

Ebi ń pa yín: ṣé 1/4 búrẹ́dì lẹ máa mú ni, àbí 1/8? Mo ń gbọ́ 1/8 lẹ́yìn lọ́hùn-ún, nítorí pé 8 ju 4 lọ. Ẹ má gbàgbé pé ẹni mẹ́jọ ló fẹ́ jẹ búrẹ́dì kan ṣoṣo yẹn. Bí ẹnu bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òkèlè ń kéré. Ẹ ká bébà yín lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Wàyí o, Táyé jẹ 1/4, ó tún jẹ 1/4. Ẹni tó bá kọ 2/8, kó wo bébà rẹ̀: ojú méjì nínú mẹ́jọ kò ju 1/4 lọ. Ṣé èyí tó jẹ lẹ́ẹ̀kejì kò wá wọ inú rẹ̀ ni? A kì í ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀. 2/4 ni.

Ẹ wo iṣu yìí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Bí mo bá fi rúlà gé e ní 10, 10, ta ló máa gba ti ìdí? Kò sẹ́ni tó nawọ́! Gígùn dọ́gba, àmọ́ àárín sanra, ìdí tín-ínrín. Òṣùwọ̀n ló lè bá wa pín in.

Àkàrà 12 ńkọ́? Ẹ tò ó sínú abọ́ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi tán. Abọ́ kan gba 4, ìyẹn ni 1/3. Abọ́ méjì ńkọ́? 8, ìyẹn 2/3.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: bàbá àgbà pa obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin, ó fún àlejò ní awẹ́ kan. Ṣé 1/4 obì náà ni àlejò gbà? Ẹ wo awẹ́ obì dáadáa nílé kí ẹ tó dáhùn, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi lọ́la.