Fọ́ọ̀mù Ìbéèrè fún Àyè Akọ́ṣẹ́ ní Ẹ̀ka Ìròyìn Yorùbá Ilé-iṣẹ́ Rédíò

Yorùbá ni kí ẹ fi dáhùn, kí ẹ sì fi àmì sí i. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù kankan sójú ìwé yìí. Káàdì pélébé tí a fi pín-ìn-nì kọ́ ọ ni kí ẹ kọ wọ́n sí.

Orúkọ: Oyinlọlá Àdùkẹ́ Ọlátúnbọ̀sún

Ọjọ́ orí: 21

Àdúgbò: Ọjọ́ọ̀, Ìbàdàn

Ilé-ẹ̀kọ́: Yunifásítì Ìbàdàn. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti Yorùbá ni mò ń kọ́, mo wà ní ọdún kẹta.

1. Ọjọ́ wo àti aago wo ni ẹ lè máa wá?

Láti Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù Keje 2026, títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko nìyẹn. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni mo lè máa wá. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà màmá mi máa ń yá jù ní Bódìjà, èmi ni mo sì ń bá wọn ṣírò owó. Mi ò fẹ́ gba ọjọ́ márùn-ún lónìí kí n wá máa tọrọ àyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti aago, mo rí i nínú ìkéde yín pé aago márùn-ún ìdájí ni àwọn tó ń ṣètò ìròyìn aago mẹ́fà ààbọ̀ máa ń wọlé. Láti Ọjọ́ọ̀, Máíkírà kì í tíì pọ̀ ní títì nígbà yẹn, màmá mi ò sì ní jẹ́ kí n jáde nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n àbúrò wọn ń gbé ní Mọ́kọ́là, ẹsẹ̀ lásán ni mo lè fi rìn dé ọ̀dọ̀ yín láti ibẹ̀. Wọ́n ti gbà kí n máa sùn lọ́dọ̀ wọn ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé àti alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nítorí náà, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ẹ ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà ní aago márùn-ún. Ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ ni, bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ṣángo bá ṣàánú mi.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mi ò ní lè wá: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ 15, ẹni tó bá sì mọ ilé wa mọ̀ pé ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni mo lè sinmi, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

2. Kí ló mú kí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa?

Ìyá màmá mi ni. Wọn ò mọ̀wé kà, rédíò ni ìwé ìròyìn wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí ìròyìn bá ń lọ lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, akaròyìn kan, kì í ṣe lórí rédíò yín, kà á pé owó tuntun tí àwọn ọlọ́jà kan yóò máa san lórí ìsọ̀ lóṣooṣù jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta náírà. Ìyá àgbà dìde. Wọn ò jẹun ọ̀sán. Wọ́n ní kí màmá mi tètè wá ẹni tí yóò gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ wọn kí oṣù tó parí. Àwa ọmọdé ilé ń wò wọ́n bí ẹni tó ń ṣàwàdà, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan nínú wa. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló yẹ kí akaròyìn náà pè. 500 ló wà nínú ìwé rẹ̀, 5,000 ló sọ jáde lẹ́nu.

Ojú tì mí, nítorí Yorùbá ni mò ń kà ní yunifásítì. Àfìgbà tí mo mú bírò: ẹgbẹ̀ta ni 600, yọ 100 kúrò nínú rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹgbàáta ni 6,000, yọ 1,000 kúrò nínú rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta. Ẹni tí kò kàwé rí ti ṣe ìṣirò yẹn tán kí akaròyìn tó mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fetí sí oǹkà inú ìròyìn. Èrò tèmi, tí olùkọ́ mi kan ò fara mọ́, ni pé kí a máa pe 5,000 ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí rédíò. Ìyá àgbà gbọ́ ọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá náà gbọ́ ọ, kò sì jọ 500 rárá. Kí ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta máa wà nínú kíláàsì àti nínú ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ ní aago márùn-ún, nígbà tí ìròyìn bá dé ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì kù díẹ̀ kí ẹ kà á ní Yorùbá, kí n rí ohun tí ẹ máa ń yọ kúrò, ohun tí ẹ máa ń tún sọ, àti ohun tí ẹ kàn máa ń gbójú fò.

Ẹ̀dùn ọkàn kejì tí ìyá àgbà ní nìyí, mo ṣèlérí pé màá sọ ọ́ fún yín: “fọwọ́ sọ̀yà” ti pọ̀ jù. Gómìnà fọwọ́ sọ̀yà, kọmíṣánnà fọwọ́ sọ̀yà, alága náà fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ní ṣé àyà ò dùn wọ́n ni.

3. Kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kí sì ni ó ń dà yín láàmú?

Mo ti ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọdún méjì. Mo máa ń fi Gboard tẹ Yorùbá tàmì-tàmì lórí fóònù, ó sì yá lọ́wọ́ mi. Ti kọ̀ǹpútà ṣì ń falẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni “ṣ”. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, bí inú bá bí mi tàbí tí mo bá ń kánjú, “isẹ́” ni mo máa ń pe iṣẹ́. Mo ń fi orúkọ ara ìdílé wa kan, Ṣẹ̀ṣẹ̀, kọ́ ẹnu mi láràárọ̀.

4. Bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ta ni kí a pè?

Ẹ kọ́kọ́ pe Arábìnrin Fọláṣadé Adégòkè, àbúrò màmá mi tí mo sọ lókè. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ara wọn sì máa ń balẹ̀. Bí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í gbé fóònù. Nọ́ńbà kejì tó wà lórí káàdì ni ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Akíntúndé, ó ní ọkọ̀, Sámọ́ńdà ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ pe màmá mi lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n á gbọ́ tí wọ́n á fi sáré jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyá àgbà. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru.

5. Ǹjẹ́ àìsàn kan wà tó yẹ kí a mọ̀?

Ikọ́ fée. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló máa ń jí i. Ìnhélà mi, aláwọ̀ búlúù, máa ń wà nínú àpò iwájú báàgì mi nígbà gbogbo. Bí mo bá ti fà á tí mi ò sì lè sọ gbólóhùn kan tán, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ tó wá pe àǹtí mi.

6. Ṣé ẹ ní ìbéèrè fún wa?

Ẹyọ kan. Kí ìròyìn tó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ta ló máa ń ka iye owó inú rẹ̀ sókè kẹ́yìn? Ẹ̀gbẹ́ ẹni yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi àga mi sí.

Oyinlọlá Ọlátúnbọ̀sún
Ìbàdàn, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 2026