SOC 312, Iṣẹ́ Kejì: Ìwé Ìtọ́kasí Alálàyé lórí Èsúsú àti Àjọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ SOC 312, ẹ kú iṣẹ́ o.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ ńlá tí ẹ máa fi parí sáà yìí, mo fẹ́ kí ẹ kó iṣẹ́ mẹ́jọ tí àwọn ẹlòmíì ti ṣe lórí èsúsú tàbí àjọ jọ, kí ẹ kà wọ́n tán, kí ẹ sì kọ àlàyé sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ogún máàkì ni. Ìwé ìtọ́kasí lásán á sọ fún òǹkàwé ibi tí yóò ti rí ìwé kan. Èyí tí mo ń bèèrè á tún sọ fún un ohun tí òǹkọ̀wé náà rí, bó ṣe rí i, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti múná àti ibi tó ti mẹ́hẹ, àti ohun tí ẹ̀yin gan-an fẹ́ fi ṣe. Márùn-ún nínú mẹ́jọ náà, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ àpilẹ̀kọ inú jọ́nà tàbí ìwé tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè fi ìròyìn inú ìwé ìròyìn kan kún un, kó má ju ẹyọ kan lọ.

Ìbéèrè yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sókè ojú-ìwé àkọ́kọ́, ní gbólóhùn kan. "Èsúsú ní Ìbàdàn" kì í ṣe ìbéèrè, àkọlé ni. Ẹ gbọ́ èyí: "Kí ló ń mú kí ẹni tó ti kó owó èsúsú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì máa dá tiẹ̀ títí tí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn?" Ìbéèrè nìyẹn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní máa ka ìwé bí ẹni tó ń ṣa èso kiri inú igbó. Yóò mọ ojú-ìwé tó yẹ kó dúró sí. Lábẹ́ ìbéèrè náà, ẹ kọ ìpínrọ̀ kúkúrú kan tí yóò sọ ibi tí ẹ wá ìwé dé àti ìdí tí ẹ fi yan mẹ́jọ wọ̀nyí.

Ìlànà ìtọ́kasí ASA, ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àwùjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ń lò. Orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ló ṣáájú, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọdún, àkọlé, orúkọ jọ́nà, nọ́ńbà ìdìpọ̀ àti ti ẹ̀dà, kí ojú-ìwé tó tẹ̀lé e. Ẹ tẹ àkọlé bó ṣe wà gan-an lára ìwé, ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láíbìrì tí ẹ bá ń wá a. Orúkọ ìdílé ni kí ẹ fi tò wọ́n ní ìtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹ má pín in sábẹ́ "ìwé" àti "jọ́nà".

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún, àti fún orúkọ pẹ̀lú. Ìwé Fadipe, The Sociology of the Yoruba, jáde láti Ibadan University Press ní 1970, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 ni. Òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1944. Àwọn Okediji ló tún un ṣe fún títẹ̀. Ẹni tó bá kọ 1970 láìsọ ti 1939 yóò mú kí òǹkàwé rò pé lẹ́yìn òmìnira ni Fadipe ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bákan náà, Niara Sudarkasa tó kọ Where Women Work ní 1973, lórí àwọn obìnrin ọjà ìlú Awẹ́, ni Gloria Marshall tí ẹ máa rí lára iṣẹ́ oyè rẹ̀ ti 1964. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Tí ẹ bá kà á sí ènìyàn méjì, ẹ ti sọ ẹlẹ́rìí kan di méjì.

Lábẹ́ ìtọ́kasí ni àlàyé wà, ọ̀rọ̀ 150 sí 200. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí òǹkọ̀wé ń bèèrè àti ìdáhùn tó rí, ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́, ní èdè tiyín. Àṣàmọ̀ tó wà lójú-ìwé àkọ́kọ́ àwọn jọ́nà kì í ṣe tiyín. Òǹkọ̀wé kọ àṣàmọ̀ láti fi polówó iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì mọ ìbéèrè tí ẹ gbé dání. Ní sáà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gbé àṣàmọ̀ kan náà wá fún mi. Ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló lè ka ìwé ọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ibi tó wá kàn yìí ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ àwùjọ: báwo ni òǹkọ̀wé ṣe mọ ohun tó ní òun mọ̀? Ta ló bá sọ̀rọ̀, níbo, lọ́dún wo? Ṣé ó gbé láàrin wọn ni, àbí ó pín ìwé ìbéèrè, àbí inú iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ló ti ṣa ọ̀rọ̀ jọ? Ẹgbẹ́ olùkọ́ tó ń dá owó sí báńkì lóṣooṣù àti àwọn aláta tó ń dá tiwọn lọ́rọọrún kò ní fi ọ̀nà kan náà bá ara wọn gbé. Tí ẹ kò bá sọ èwo ni òǹkọ̀wé rí, ẹ ti fún un ní agbára tí kò ní.

Ẹ sọ tíọ́rì tó dúró lé pẹ̀lú, tó bá ní in. Akinsola Akiwowo gbé èrò àṣùwàdà jáde láti inú ẹsẹ̀ Ifá nínú jọ́nà International Sociology ní 1986, láti fi ṣàlàyé bí ẹ̀dá ṣe ń wà papọ̀. Makinde ní 1988, lẹ́yìn náà Lawuyi àti Taiwo ní 1990, dá sí ọ̀rọ̀ náà nínú jọ́nà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣùwàdà ka èsúsú, inú mi á dùn gidigidi, ṣùgbọ́n kó ka àwọn tó dá a lóhùn náà.

Ìdájọ́ yín ló kẹ́yìn: kí ni iṣẹ́ yìí ṣe dáadáa, kí ló fò, kí ló fi ṣe ìbéèrè yín láǹfààní? Ẹ má kọ "ìwé yìí wúlò púpọ̀". Ẹ sọ ohun tó wúlò fún.

Àpẹẹrẹ kan rèé, tí mo kọ fún ìbéèrè òkè yẹn.

Bascom, William R. 1952. "The Esusu: A Credit Institution of the Yoruba." Journal of the Royal Anthropological Institute 82(1):63–69.

Bascom ṣàlàyé bí èsúsú ṣe ń lọ láàrin àwọn Yorùbá: àwọn ènìyàn kan á máa dá iye kan náà ní àsìkò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, yóò sì yí títí yóò fi kan gbogbo wọn. Ó ní èsúsú jọ ẹgbẹ́ ayánilówó, ó jọ adójútòfò, ó sì jọ ẹgbẹ́ àfowópamọ́, síbẹ̀ ó yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Onímọ̀ tó wádìí láàrin àwọn ènìyàn fúnra rẹ̀ ni. Ifẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ní 1937 sí 1938. Agbára àpilẹ̀kọ yìí ni pé ó tọ ipa owó láti ọwọ́ ẹni tó dá a dé ọwọ́ ẹni tó kó o. Àmọ́ ojú-ìwé méje ni, bí ètò náà ṣe rí ló sì gbájú mọ́ ju ìgbésí ayé ẹnì kan pàtó nínú ẹgbẹ́ lọ. Ìgbà yẹn náà ti jìnnà: kò sí ẹni tó lè lo fóònù láti fi owó ránṣẹ́. Ní tèmi, máa lo ìtumọ̀ rẹ̀ láti ya èsúsú sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ tí alájọ ń gbà, kí n tó bèèrè ohun tó ń de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ra. Àlàyé Ardener (1964) ni máa fi tún un wò.

Ẹ padà kà á. Gbólóhùn tó sọ èsúsú yàtọ̀ sí àjọ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyá mi ta èlùbọ́ ní Bódìjà. Káàdì alájọ rẹ̀ ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, alájọ á sì fi bírò sàmì sí ọ̀kan lójoojúmọ́ tó bá ti gbowó. Tí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di ti alájọ, ìyókù di ti ìyá mi. Owó ara rẹ̀ ló ń gbà padà. Kò sí ẹlòmíì tó jẹ ẹ́. Nínú èsúsú, ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti jẹ gbogbo àwọn yòókù ní gbèsè. Ìbéèrè tí mo kọ sókè kò tilẹ̀ lè jáde nínú àjọ, àfi tí ẹ bá yí i sí ọ̀dọ̀ alájọ: kí ló ń mú kó má gbé owó sá? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ nínú àlàyé àkọ́kọ́ yóò máa dà á pọ̀ dé ìkẹjọ.

Mo tún fẹ́ kí àwọn ìwé náà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú mẹ́jọ, mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ dárúkọ òmíràn nínú mẹ́jọ náà. Ẹ wo Clifford Geertz, tó kọ̀wé ní 1962 nínú Economic Development and Cultural Change. Ó wo irú ẹgbẹ́ yìí ní Jáfà àti níbòmíràn, ó sì kà á sí àkàsọ̀ àárín: ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kọ́ ìwà oníṣòwò, tí báńkì àti irú rẹ̀ yóò sì gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Shirley Ardener kó àpẹẹrẹ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ nínú jọ́nà tí Bascom lò, kò sì fara mọ́ ọn pé ẹgbẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ rọ bí báńkì ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá ka Geertz nìkan yóò kọ pé èsúsú ń kú lọ. Ẹ jáde sí ojú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ìparí oṣù, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ní àpò báńkì méjì-mẹ́ta pé mélòó nínú wọn ló ń dá èsúsú, kí ẹ wá padà ka Ardener.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ìyá tàbí àǹtí yín kún un, ẹ fi sínú ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe bí ọ̀kan nínú mẹ́jọ. Ẹ má kọ orúkọ wọn. "Oníṣòwò aṣọ kan ní Gbági" ti tó.

Máàkì mẹ́wàá nínú ogún wà fún ìdájọ́ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yín, márùn-ún fún ọ̀nà ìwádìí tí ẹ tọ́ka sí, mẹ́ta fún àkópọ̀, méjì fún ìlànà ASA. Iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì mi lórí bébà kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, 2025. Ẹni tí kò bá rí ìwé kan ní láíbìrì, kó tètè wí. Mo ní Bascom àti Ardener nílé, mo sì lè yá yín fún ọjọ́ méjì. Láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà ní ọ́fíìsì fún ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ wo àlàyé méjì àkọ́kọ́ rẹ̀. Kó mú ìwé tó kà dání, pẹ̀lú àmì tó ti fi sí ẹ̀gbẹ́ ojú-ìwé.